Orí Keje: Kíkọ Àkékúrú Ẹjọ́

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

- sọ apá márùn-ún tí àkékúrú ẹjọ́ ní, kí ó sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn;
- sọ ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ dáhùn lọ́nà tí kò gbòòrò jù, tí kò sì há jù;
- ya ìṣẹ̀lẹ̀ tó gbé ìdájọ́ ró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn wà nínú ìtàn;
- kọ àkékúrú ẹjọ́ kan tí kò ju ojú ewé kan lọ, tí yóò wúlò ní kíláàsì.

1. Kí ni àkékúrú ẹjọ́?

Àkékúrú ẹjọ́ ni àkọsílẹ̀ ráńpẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn tó ti ka ìdájọ́ kan tán. Kì í ṣe ìtàn ẹjọ́ náà ni a tún sọ ní ṣókí. Ohun tí a ń wá ni bí ilé ẹjọ́ ṣe ti orí ìṣẹ̀lẹ̀ dé orí àṣẹ, àti òfin tí ẹjọ́ náà fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ mìíràn tó lè dé lọ́la. Apá márùn-ún ló ní.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣẹjọ́ kí wọ́n tó dé ilé ẹjọ́, pẹ̀lú ìrìn ẹjọ́ náà láti ilé ẹjọ́ kan sí òmíràn. Ìbéèrè òfin ni ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì kò fẹnu kò sí, tí adájọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó lè dá ẹjọ́. Ìpinnu ni ìdáhùn ilé ẹjọ́ sí ìbéèrè náà. Ìdí ìpinnu ni àlàyé tí adájọ́ fi ti ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn. Àṣẹ ni ohun tí ilé ẹjọ́ ní kí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn: bóyá ó gba ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn, bóyá ó dà á nù, bóyá ó dá ẹjọ́ padà kí wọ́n tún un gbọ́.

Ìpinnu àti àṣẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀ jù. “Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nù”: àṣẹ nìyẹn. Ó sọ ẹni tó jàre fún wa, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa ní òfin kankan. Ìpinnu ló ń sọ òfin.

2. Ẹjọ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni a ó lò jálẹ̀ orí yìí: Dawodu v. Danmole, tí Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Príífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní ọdún 1962. Lẹ́tà tó wà láàárín orúkọ méjèèjì ni a máa ń kà sí “lòdì sí”. Ní ìgbà náà, Nàìjíríà ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n kò tíì di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí. Nítorí náà, Príífì Káńsù ni ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún wa títí di ọdún 1963.

Suberu Dawodu kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbà fún ara wọn lórí bí wọn yóò ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀. Ìlànà méjì ló wà níwájú ilé ẹjọ́. Ìkíní ni ìdí-igi, èyí tí a fi ń pín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé. Ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín kan náà, àwọn ọmọ ìyá kan yóò sì wá pín ti ìdí wọn láàárín ara wọn. Ìkejì ni orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín tó dọ́gba, láìka ìyá tó bí i sí.

Ìwé ìdájọ́ kò ní jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere bí a kò bá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó pé ìyàwó kan bí ọmọ kan, méjì bí ọmọ méjì-méjì, ọ̀kan tó kù sì bí ọmọ mẹ́rin, àròpọ̀ wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Ká ní dúkìá náà tó mílíọ̀nù náírà 36. Bí a bá lo orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù 4. Bí a bá lo ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù 9. Ọmọ tó dá wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ yóò kó gbogbo mílíọ̀nù 9 náà, nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin yóò gba mílíọ̀nù 2 àti ìdámẹ́rin. Iye owó yìí àti bí a ṣe pín ọmọ fún ìyá jẹ́ àpẹẹrẹ tiwa, wọn kò sí nínú ẹjọ́ náà, wọn kò sì gbọdọ̀ wọ inú àkékúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí yóò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní Èkó gbà pé ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní ó lòdì sí òdodo àdámọ́, ìṣedéédéé àti ẹ̀rí-ọkàn rere, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ yẹn padà ní ọdún 1958. Príífì Káńsù fara mọ́ ti 1958.

3. Láti ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú bírò bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, wọ́n a sì máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó dé ibi tí adájọ́ ti sọ ohun tó fẹ́ dáhùn, wọ́n ti kọ ojú ewé mẹ́ta, ìdajì rẹ̀ kò sì wúlò. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣe pàtàkì kí ó tó mọ ìbéèrè.

Ka ìdájọ́ náà já lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, lọ sí ìparí rẹ̀, kí o wá àṣẹ. Ti Príífì Káńsù ní èdè tirẹ̀: ìgbìmọ̀ náà kì í pàṣẹ fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn ló ń fún Ọba tàbí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó da ẹjọ́ nù tàbí kí ó gbà á. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “ìmọ̀ràn” tàn ọ́. Bí àṣẹ ló ṣe ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ ẹjọ́ náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́ láti mọ ìrìn rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni tí ìdájọ́ ìṣáájú kò tẹ́ lọ́rùn ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Ní 1958, Danmole v. Dawodu ni orúkọ rẹ̀, èyí fi hàn pé ìhà Danmole ni ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ní 1962, ó di Dawodu v. Danmole, torí pé ìhà Dawodu ló gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kíyè sí i yóò rò pé ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àti pé níhìn-ín, Dawodu jẹ́ orúkọ ìdílé. Kì í ṣe dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tó ń di olórí ẹbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olórí ẹbí wà nínú ẹjọ́ náà.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí o dà kọ: àlàyé ráńpẹ́ tí ẹni tó ṣe ìwé ìròyìn ìdájọ́ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ adájọ́. Olóòtú ló kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́, ó sì lè fẹ ìpinnu lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Lò ó láti mọ ọ̀nà, kí o wá lọ ka ọ̀rọ̀ adájọ́ fúnra rẹ̀.

4. Ìbéèrè òfin

Ibí ni àkékúrú ti ń dára tàbí bàjẹ́. Wo ìgbìyànjú mẹ́ta yìí lórí ẹjọ́ kan náà.

Ìkíní: *Báwo ni a ṣe ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá?* Ó gbòòrò jù. Ilé ẹjọ́ kò dáhùn ìbéèrè yìí, kò sì lè dáhùn rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan. Ogún ẹni tó kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ìkejì: *Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni ó yẹ kí a pín dúkìá Suberu Dawodu sí?* Ó há jù. Ìdáhùn rẹ̀ kò kan ìdílé mìíràn.

Ìkẹta: *Bí ọkùnrin Yorùbá tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ṣé ìlànà ìdí-igi lòdì sí òdodo àdámọ́, ìṣedéédéé àti ẹ̀rí-ọkàn rere, débi tí ilé ẹjọ́ kò fi gbọdọ̀ lò ó, nítorí pé kì í jẹ́ kí ìpín àwọn ọmọ dọ́gba?*

Ìkẹta yìí dúró dáadáa torí pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: irú ènìyàn àti ipò tí ọ̀rọ̀ kàn, òfin tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n mọ́, àti ohun tí ìhà kan tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àléébù. Òfin tó wà láàárín rẹ̀ yẹn ni àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti ń lò láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: kí wọ́n tẹ̀lé àṣà ìbílẹ̀ àyàfi èyí tó bá lòdì sí òdodo àdámọ́, ìṣedéédéé àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Bí o bá yọ òfin yẹn kúrò nínú ìbéèrè, ìdí ìpinnu yóò dà bí ọ̀rọ̀ àṣà lásán, kò sì ní yé ọ ìdí tí adájọ́ àkọ́kọ́ fi gbà pé àṣà wà síbẹ̀ tó kọ̀ láti lò ó.

Ọ̀nà kan wà láti dán ìbéèrè rẹ wò. Fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” dáhùn rẹ̀, kí o sì yí i padà sí gbólóhùn. Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ òfin tí o lè lò fún ẹbí mìíràn tó wà ní irú ipò kan náà, ìbéèrè rẹ tọ́.

5. Yíyan ìṣẹ̀lẹ̀

Ìgbà tí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀ ni kí o padà sí ìtàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì ni èyí tó jẹ́ pé bí a bá yí i padà, ìdáhùn ilé ẹjọ́ lè yí padà. Mú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o béèrè pé: bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Bí Suberu Dawodu bá ti kọ ìwé ìhágún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà pé kò kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó kan ló fẹ́ ńkọ́? Ìdí-igi àti orí-ò-jorí yóò bọ́ sí ìpín kan náà, kò ní sí ìjà, nítorí náà iye ìyàwó ṣe pàtàkì. Bí ọmọ bá jẹ́ méjìlá dípò mẹ́sàn-án ńkọ́? Ìṣirò yóò yí padà, òfin kò ní yí. A lè kọ iye náà sílẹ̀ kí ìtàn lè yéni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì. Pé àwọn ọmọ kò gbà fún ara wọn ńkọ́? Àwọn kan máa ń fo èyí, torí pé wọ́n rò pé gbogbo ẹjọ́ ló ní ìjà nínú. Nínú ẹjọ́ yìí, ó ṣe pàtàkì gan-an, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i ní abẹ́ ìsọ̀rí tó kàn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún wà tó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú irú ẹjọ́ báyìí. Àṣà ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi ẹ̀rí múlẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ti mọ̀ ọ́n dájú láti inú àwọn ẹjọ́ ìṣáájú. Nítorí náà, ohun tí ilé ẹjọ́ rí pé àṣà wí yẹ kí ó wà lára ìṣẹ̀lẹ̀ nínú àkékúrú rẹ. Bóyá ilé ẹjọ́ yóò lo àṣà náà tàbí kò ní lò ó ni ọ̀rọ̀ òfin.

6. Ìpinnu àti ìdí rẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ ìpinnu ẹjọ́ yìí báyìí: “Ilé ẹjọ́ ní ìdí-igi ni òfin Yorùbá.” Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kù síta ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ 1958 to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, Príífì Káńsù sì fara mọ́ ọn. Ìdí-igi jẹ́ ara àṣà Yorùbá nípa pípín ogún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìhágún. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò tíì kú. Orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí olórí ẹbí lè yàn kí ẹjọ́ má bàa wáyé. Ìdí-igi ni ọ̀nà tó wà fún gbogbogbòò, àyàfi bí ìjà bá wà láàárín àwọn ọmọ lórí ìpín. Nígbà náà, olórí ẹbí ló lágbára láti pinnu bóyá orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò.

Wàyí o, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní ìjà àwọn ọmọ ṣe pàtàkì: àìgbà fún ara wọn ló ń fún olórí ẹbí ní àyè láti yàn. Adájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gba agbára náà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìdí ìpinnu kì í ṣe ibi tí a ó ti tún ìpinnu sọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn “kí ló dé?”. Ìdí tó lágbára jù lọ nínú ẹjọ́ yìí ni ti òṣùwọ̀n. Príífì Káńsù ní ohun tí a ń pè ní òdodo ní ìlú tí ìkóbìnrinjọ ti jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn gbà, kò yẹ kí a yára kà á sí bákan náà pẹ̀lú òdodo ní ìlú ọlọ́kọ-kan-aya-kan. Adájọ́ àkọ́kọ́ wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì rí àìdọ́gba. Àṣà wo ìdí kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ìdọ́gba. Bí ojú àwọn tó ń lo àṣà la fi wò ó, àìdọ́gba ti ọmọ sí ọmọ nìkan kò tó láti sọ pé àṣà náà burú.

Fi ojú ewé sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn ìdí kọ̀ọ̀kan tí o bá kọ. Nínú Ìròyìn Ìdájọ́ Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún 1962, ìdìpọ̀ kìíní, ojú ewé 1053 ni ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní “Níbo ni adájọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀?”, o kò ní máa ṣí ìwé káàkiri.

Kò tún yẹ kí a da ìdí ìpinnu pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ tí kò nílò rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ lè ní iyì, kò ní agbára ìdè. Láti mọ̀ ọ́n, pa gbólóhùn náà rẹ́ nínú ọkàn rẹ, kí o wò ó bóyá àṣẹ ṣì dúró. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n òdodo rẹ́ nínú ẹjọ́ yìí, kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ fi yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà. Ti agbára olórí ẹbí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lè jiyàn lé e lórí. Kọ ọ́ sínú àkékúrú, kí o fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

7. Àkékúrú náà

*Orúkọ:* Dawodu v. Danmole, Príífì Káńsù, 1962.

*Ìṣẹ̀lẹ̀:* Suberu Dawodu kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn ọmọ kò gbà lórí ìlànà pípín. Ẹ̀rí fi hàn pé ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ kọ̀ ọ́ torí pé ó lòdì sí òdodo àdámọ́, ó sì lo orí-ò-jorí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí i padà ní 1958. Ìhà Dawodu pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

*Ìbéèrè:* Ṣé ìdí-igi lòdì sí òdodo àdámọ́, ìṣedéédéé àti ẹ̀rí-ọkàn rere nítorí pé ìpín àwọn ọmọ olóbìnrin púpọ̀ tó kú láìkọ ìwé ìhágún kò dọ́gba?

*Ìpinnu:* Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí-igi ni ìlànà tó wà fún gbogbogbòò. Bí ìjà bá wà lórí ìpín, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí (?).

*Ìdí:* A kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n ìlú ọlọ́kọ-kan-aya-kan wọn òdodo ní ìlú tí ìkóbìnrinjọ jẹ́ àṣà. Orí-ò-jorí kò tíì gba ipò ìdí-igi. Ọwọ́ olórí ẹbí ni yíyàn rẹ̀ wà.

*Àṣẹ:* A da ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nù. Ìdájọ́ 1958 dúró.

8. Lílò rẹ̀ ní kíláàsì

Ní kíláàsì, olùkọ́ kì í sábà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló máa ń yí padà. “Bí olórí ẹbí bá ti pín in ní orí-ò-jorí kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé ẹjọ́ ńkọ́?” Ẹni tí àkékúrú rẹ̀ kàn sọ pé ìdí-igi ni òfin yóò ní ìpín náà kò dára. Ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe yẹ yóò béèrè ná bóyá ìjà ti wà láàárín àwọn ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni agbára olórí ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀. Fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ fún irú ìbéèrè wọ̀nyí, kí o sì kọ wọ́n pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mìíràn kí o lè mọ ohun tí adájọ́ sọ yàtọ̀ sí èyí tí kíláàsì sọ.

Kókó orí yìí

Wá àṣẹ ṣáájú, lẹ́yìn náà ìbéèrè, kí o tó yan ìṣẹ̀lẹ̀. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ ní ipò, òfin àti àléébù tí wọ́n tọ́ka sí. Ìpinnu ń sọ òfin, àṣẹ ń sọ ẹni tó jàre. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò ní agbára ìdè.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìpinnu àti àṣẹ? Fi ẹjọ́ Dawodu v. Danmole ṣe àpẹẹrẹ.
2. Sọ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì nínú ẹjọ́ náà, kí o sì sọ ìdí rẹ: (a) Èkó ni olóògbé ń gbé, (b) kò kọ ìwé ìhágún, (d) ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, (e) àwọn ọmọ kò gbà fún ara wọn.
3. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀. Ìkíní bí ọmọ márùn-ún, ìkejì bí ọ̀kan, ìkẹta kò bímọ. Ṣe ìṣirò mílíọ̀nù náírà 30 ní ìdí-igi àti ní orí-ò-jorí.
4. “Ilé ẹjọ́ ní orí-ò-jorí kò bófin mu.” Ṣàlàyé ohun tó burú nínú gbólóhùn yìí gẹ́gẹ́ bí ìpinnu ẹjọ́ Dawodu v. Danmole, kí o sì tún un kọ.
5. Yan ìdájọ́ kan nínú ìwé ìròyìn ìdájọ́ tó wà ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ yín. Kọ àkékúrú rẹ̀ sí ojú ewé kan. Lẹ́yìn náà, yí ìṣẹ̀lẹ̀ kan padà nínú rẹ̀, kí o sọ bóyá ìpinnu yóò yí padà.